Ètò Ti Yí, Fọ́ọ̀mù Lífù Sì Ti Wà Lọ́dọ̀ Ọ̀gá

Ìwọ̀nba ni ẹni tó ń gba lífù láàrin wa kó lè rí oorun sùn. Ìnáwó la sábà máa ń gbà á fún. Àbúrò fẹ́ gbéyàwó, ẹbí fẹ́ sin bàbá àgbà, ọmọ tó wà lókè òkun ní òun ń bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ìnáwó kì í sí lọ́wọ́ ẹni tó gba lífù. Ìpàdé ẹbí kan péré nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ti tó láti sún ìsìnkú kúrò nínú oṣù kẹjọ lọ sí oṣù kejìlá, torí pé ẹ̀gbọ́n tó wà ní Amẹ́ríkà kò tíì rí owó ọkọ̀ òfurufú, tàbí torí pé wọn ò tíì parí òrùlé ilé tí àlejò máa dé sí. Físà lè má jáde. Àwọn àna lè ní ọjọ́ tí wọ́n dá kò bá àwọn lára mu mọ́. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí lẹ́tà lífù ti wà níwájú ọ̀gá, bóyá tí wọ́n tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i.

Ohun méjì ni mo máa ń rí tí àwọn èèyàn ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á dákẹ́, wọ́n á lo lífù náà bó ṣe wà, wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọjọ́ ìnáwó bá wá dé lóòótọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọ̀gá fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kejì á kàn yọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí lífù wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ máa wò ó, mi ò lọ mọ́.” Àwọn ará ibi iṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn yìí gan-an ni wọ́n máa ń jìyà jù, nítorí wọ́n á ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí ìwé sọ pé wọ́n wà ní ìsinmi. Tó bá di ìparí ọdún, ìwé nilé iṣẹ́ máa gbà gbọ́, kì í ṣe ẹnu.

Ìsinmi ọdọọdún ni mò ń sọ níbí o. Ìsinmi àìsàn àti ìsinmi ìbímọ ní ìlànà tiwọn, ẹ má kó wọn pọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn dáadáa, ó yẹ kó mọ ibi tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń rìn dé lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ. Ọ̀gá á wo ìwé ètò lífù gbogbo ẹ̀ka náà kí èèyàn méjì má baà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì béèrè ẹni tó máa dúró dè é. Tó bá fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, níbi tí wọ́n á ti yọ iye ọjọ́ náà kúrò nínú ọjọ́ tó ní lọ́dún. Láti ibẹ̀, ìsọfúnni á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣírò owó oṣù, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń san owó lífù. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, àmọ́ ibi mẹ́ta ló ti kọ nǹkan sílẹ̀, yàtọ̀ sí ọkàn ẹni tó ti múra láti bá ọ ṣiṣẹ́. Bí o bá fẹ́ fà á padà, gbogbo ibi wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ ìfàpadà gbọ́dọ̀ dé. Ìdí nìyẹn tí sísọ fún ọ̀gá lẹ́nu lásán kò fi tó. Ibì kan péré ni ọ̀gá jẹ́ nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ọ̀gá kò bá tíì fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ rọrùn. Lẹ́tà náà ṣì jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lásán, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ sì lè ní òun ò bẹ̀ mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo kọ̀ǹpútà fún un, wàá rí i tí wọ́n kọ “Pending” síwájú orúkọ rẹ, bọ́tìnnì “Cancel” tàbí “Withdraw” á sì wà nítòsí rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, kí o sì sọ fún ọ̀gá pé o ti tẹ̀ ẹ́, torí ó lè ti máa fi sọ́kàn nígbà tó ń ṣètò iṣẹ́. Tó bá jẹ́ bébà ni, gba bébà náà padà tàbí kí o kọ lẹ́tà ìlà méjì láti fi fà á padà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i ni ọ̀rọ̀ ń yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rò pé lífù jẹ́ ẹ̀tọ́ òun, nítorí náà, òun lè lò ó tàbí kí òun fi í sílẹ̀ bó bá ṣe wu òun. Lóòótọ́, ẹ̀tọ́ ni iye ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wàá lò ó jẹ́ àdéhùn láàrin ìwọ àti ilé iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá fọwọ́ sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ló fọwọ́ sí, kì í ṣe ọjọ́ mìíràn tó bá wù ọ́. Ẹ̀bẹ̀ tuntun ni yíyí i padà, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá mọ èyí á kọ lẹ́tà rẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè, kò ní kọ ọ́ bí ẹni tó ń fi tó ni létí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e dé òpin. Ká ní obìnrin kan wà tó jẹ́ akọ̀wé ìṣirò owó nílé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń fún un lọ́dún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ gbéyàwó l'Óṣogbo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2026, òun sì ni ẹ̀gbọ́n tí gbogbo ètò wà lórí rẹ̀. Ó gba ọjọ́ iṣẹ́ 15, láti ọjọ́ Ajé ọjọ́ 3 sí ọjọ́ Ẹtì ọjọ́ 21 oṣù náà. Wọ́n ti fọwọ́ sí i láti oṣù karùn-ún. Ó ṣẹ́ ku ọjọ́ 5 fún un nínú ìwé. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì ló máa dúró dè é, wọ́n sì ti fi lífù ti ọmọkùnrin náà sí oṣù kẹsàn-án kí wọ́n má baà jọ lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù keje, ẹbí méjèèjì pàdé, wọ́n sì sún ìgbéyàwó sí ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án. Ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí lífù bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló yẹ kó gbé e dé ibi iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí tí ó fi yẹ kó yá ni owó. Nílé iṣẹ́ tirẹ̀, owó oṣù tó ṣáájú lífù ni wọ́n máa ń san owó lífù mọ́, wọ́n sì máa ń pa ìwé owó oṣù dé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí oṣù tó parí. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13, àwọn olówó oṣù kàn máa yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń gba owó lífù lóṣù yẹn ni. Bí ó bá dúró di ọjọ́ 27, owó ti wọlé, bóyá ó tilẹ̀ ti fi ra aṣọ ẹbí. Ìgbà náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá kó dá a padà, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ṣì máa lo lífù náà kí ọdún tó parí. Lójú tèmi, ti ìkẹyìn yìí ló bọ́gbọ́n mu tí ọjọ́ tuntun bá wà nínú ọdún kan náà. Àmọ́ kí ó gbà á lọ́wọ́ wọn ní kíkọ ni. Ẹni tí wọ́n bá yọ owó lójijì nínú owó oṣù rẹ̀ kì í lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dùn mọ́ ọn.

Ẹnu ló ti kọ́kọ́ yẹ kó bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Kò dáa kí ọ̀gá kàn rí i nínú ímeèlì. Ó lè sọ pé, “Ẹ káàárọ̀, mà. Ìnáwó tí mo torí ẹ̀ gba lífù oṣù kẹjọ ti sún. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi gbé e sí ìparí oṣù kẹsàn-án. Tẹ́ ẹ bá gbà, màá kọ ọ́ wá lónìí.” Kò pọndandan kó ṣàlàyé ohun tó fà á tí ìgbéyàwó fi sún. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ojú sì lè tì í tó bá jẹ́ pé ìjà ló wà níbẹ̀. “Ètò tí mo torí rẹ̀ gba ìsinmi ti yí padà” ti tó nínú lẹ́tà èyíkéyìí. Ohun tí mi ò gbà ni kí èèyàn pa irọ́ mọ́ ọn, kí ó ní ara òun ni kò yá, kó lè sọ ọ́ di ìsinmi àìsàn. Dókítà ló ń jẹ́rìí sí ìyẹn, irọ́ tí kò ní ìdí sì ti sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ẹjọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, ó sì kọ́kọ́ yọ ìwé ètò lífù jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọmọkùnrin tó yẹ kó dúró dè é máa wà ní lífù tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Wọ́n tún rí nǹkan kejì: ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni ìdámẹ́rin kẹta ọdún parí, ìgbà yẹn sì ni ẹ̀ka ìṣirò owó ń pa ìwé dé. Kò sí ọ̀gá ìṣirò owó kankan tó máa fẹ́ kí ẹni méjì kúrò níbẹ̀ nírú àkókò yẹn. Ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ ìsúnsíwájú kẹ́sẹ járí nìyí. Ojú ìnáwó tirẹ̀ nìkan lẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fi ń wo ọjọ́ tuntun, kì í wò ó bóyá àkókò yẹn ni iṣẹ́ pọ̀ jù ní ọ́fíìsì. Bí ó bá ti wo ìwé tó wà lára ògiri fún ìṣẹ́jú méjì kó tó wọlé sọ́dọ̀ ọ̀gá, ìbéèrè tó máa bá wọlé ìbá yàtọ̀.

Ó tún ti ṣàṣìṣe kan nínú ìṣirò rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí lífù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, kó sì parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, nítorí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá jẹ́ ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà, gbogbo ọ́fíìsì ló máa wà ní títì. Ilé iṣẹ́ tó ń ka ọjọ́ iṣẹ́ nìkan kò gbọdọ̀ ka ọjọ́ yẹn mọ́ lífù. Nítorí náà, ọjọ́ iṣẹ́ 14 péré ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ìkẹẹ̀ẹ́dógún sì bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12. Ọjọ́ Ìsẹ́gun, ọjọ́ 13 ló yẹ kó padà síbi iṣẹ́. Nílé iṣẹ́ tó bá ń ka Àbámẹ́ta àti Àìkú mọ́ lífù, ìṣirò náà á yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń sún lífù gbọ́dọ̀ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó má kàn gbé iye ọ̀sẹ̀ láti ibì kan lọ síbòmíràn, nítorí ọjọ́ ọlidé ìjọba kò sí nínú gbogbo oṣù.

Ohun tí wọ́n wá fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n gé e sí méjì. Á lo ọjọ́ 5, láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, á ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á sinmi lọ́jọ́ Àìkú, á sì wọṣẹ́ lọ́jọ́ 28 kí wọ́n lè jọ pa ìwé dé. Ọjọ́ 10 tó kù bọ́ sí ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá. Obìnrin mìíràn láti ẹ̀ka kejì ló máa bá a tọ́jú iṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún náà. Gígé e sí méjì yìí tún kan owó, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọn kì í san owó lífù àfi tí èèyàn bá lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀, oṣù kọkànlá ni owó lífù máa tó bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í ṣe ìgbà ìgbéyàwó. Ó yẹ kó mọ ìyẹn kó tó lọ yá owó aṣọ ẹbí lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ.

Lẹ́yìn náà ló wá kọ lẹ́tà. Lẹ́tà irú èyí kì í gùn, àmọ́ nǹkan kan kò gbọdọ̀ sọnù nínú rẹ̀, ìyẹn ni ọjọ́ àtijọ́ àti ọjọ́ tuntun lójú kan náà. Ohun tí tirẹ̀ sọ nìyí:

“Ẹ fọwọ́ sí ìsinmi ọdọọdún mi ti ọjọ́ iṣẹ́ 15, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2026. Ètò tí mo torí rẹ̀ béèrè fún un ti yí padà. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fagi lé ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí ẹ dá ọjọ́ 15 náà padà sínú ìwé mi, kí ẹ sì fọwọ́ sí ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, àti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá, dípò wọn. Màá wà lẹ́nu iṣẹ́ jálẹ̀ oṣù kẹjọ. Mo ti bá ẹni tó máa tọ́jú iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀ka owó oṣù náà gbọ́ nípa owó lífù.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n dá ọjọ́ náà padà sínú ìwé òun. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló máa ń béèrè ọjọ́ tuntun láìfagi lé ti àtijọ́, ẹni tó sì wà nídìí kọ̀ǹpútà á kàn fi ọjọ́ tuntun kún un. Nínú ìwé, obìnrin yìí á dà bí ẹni tó béèrè fún ọjọ́ 30 nígbà tó jẹ́ pé 20 ló ní. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n á sì sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ ti tán.

Bí ó ṣe máa mọ̀ pé ó ti bọ́ sípò kò ṣòro. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ó wo iye ọjọ́ lífù tó kù fún un, yálà lórí kọ̀ǹpútà tàbí lẹ́yìn ìwé owó oṣù níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ́ síbẹ̀. Bí kò bá sí lójú méjèèjì, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 5 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti fagi lé ti àtijọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì fọwọ́ sí tuntun, 20 ló yẹ kó rí. Bí wọ́n bá ti ṣe méjèèjì, á padà sí 5. Bí ó bá rí òdo, tàbí iye tó lọ sísàlẹ̀ òdo, wọn kò tíì fagi lé ti àtijọ́ nìyẹn. Oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ ló yẹ kó rí i. Tó bá di oṣù kejìlá, ẹni tó fọwọ́ sí i lè ti kúrò nílé iṣẹ́, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo oṣù kẹjọ.

Nígbà náà, kí ni kéèyàn ṣe tó bá jẹ́ pé ìnáwó sún láìsí ọjọ́? Ọ̀pọ̀ ìsìnkú máa ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ó di “ìgbà tí gbogbo ọmọ bá pé.” Èrò tèmi ni pé kí ẹni náà má kọ “ẹ sún un síwájú” láìfi ọjọ́ sí i. Kí ó fà á padà pátápátá, kí ọjọ́ rẹ̀ padà sínú ìwé, kó tún béèrè tí ọjọ́ bá pé. Lífù tí wọ́n sún síwájú láìlọ́jọ́ kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni, kò sì sí nínú iye ọjọ́ tó kù. Ó kàn wà nínú afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ní òfin pé ọjọ́ tí èèyàn kò bá lò títí di ìparí ọdún, tàbí títí di ìparí oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ti sọnù.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni ohun tí òfin ìlú sọ. Ní Nàìjíríà, Òfin Iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní abala 18. Ó ní òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 láìdáwọ́ dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé, mẹ́fà náà sì di méjìlá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ó wá ní wọ́n lè sún ìsinmi náà síwájú tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ bá jọ fohùn ṣọ̀kan, kìkì pé àkókò tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ kó tó rí ìsinmi náà kò gbọdọ̀ ju oṣù 24 lọ. Ẹni tó bá wọṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2025 ti tó gba ìsinmi ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2026. Wọ́n lè sún un, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìparí oṣù kìíní ọdún 2027. Òfin náà tún kọ̀ ọ́ fún agbanisíṣẹ́ láti fi owó rọ́pò ìsinmi yẹn fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun á máa fa lífù òun padà ní gbogbo ìgbà kí wọ́n lè sọ ọ́ di owó fún òun, kó mọ̀ pé fún ọjọ́ mẹ́fà tó jẹ́ ti òfin, ọ̀nà kò sí níbẹ̀.

Ààlà wà fún òfin yìí. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló ń dáàbò bò. Mánéjà, ẹ́ńjíníà, lọ́yà àti àwọn tó jọ wọ́n kò sí lábẹ́ rẹ̀, ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn ló ń darí tiwọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà ní ìlànà tirẹ̀. Bí òfin tilẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ èèyàn, “fohùn ṣọ̀kan” ló sọ. Kò fún òṣìṣẹ́ nìkan lágbára láti yí ọjọ́ padà, kò sì sọ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbà.

Bákan náà lọ́rọ̀ rí fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú àgbàlagbà. Òfin wọn níbẹ̀, ti ọdún 1998, ní kí ẹni tó fẹ́ gba ìsinmi sọ ọ́ ṣáájú fún ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tó fẹ́ gbà, àyàfi tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó fẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá á sọ ọ́ ní ogún ọjọ́ ṣáájú. Ilé iṣẹ́ náà lè yí i padà tí wọ́n bá sọ fún un ṣáájú fún iye ọjọ́ tó dọ́gba pẹ̀lú ìsinmi náà. Àmọ́ kò sí ibi tí òfin náà ti fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fa èyí tí wọ́n ti fọwọ́ sí padà. Ẹni tí físà ìyá rẹ̀ kò bá jáde, tàbí tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí Èkó bá bàjẹ́, ẹ̀bẹ̀ ló máa bẹ̀. Wọ́n sì lè kọ̀ fún un tí wọ́n bá ti gba èlòmíràn sí ipò rẹ̀ fún àwọn ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ àìsàn yàtọ̀. Ẹni tí àìsàn bá kì mọ́lẹ̀ kó tó lọ fún ìsinmi tàbí nígbà tó wà nínú rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ọjọ́ rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ó ku ti ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ lífù kí ètò tó dàrú. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ìpè dé pé ìnáwó ti sún. Kó má kàn gbéra lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Ẹlòmíràn ti wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó lè ti kó kọ́kọ́rọ́ fún un, ó lè ti fi àṣẹ ìfọwọ́sí ìwé sílẹ̀ fún un, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba owó díẹ̀ fún dídúró deni. Kó pe ọ̀gá, kó béèrè bóyá òun lè padà ní ọjọ́ kan pàtó. Bí wọ́n bá gbà, ọjọ́ mẹ́ta tó ti lò ti lọ, ìyókù ni wọ́n á dá padà. Ọjọ́ tí ìwé bá sì sọ pé ó padà ni ọjọ́ tó padà, kì í ṣe ọjọ́ tó yọjú wá kí àwọn ará ọ́fíìsì.

Bí ọ̀gá bá kọ̀ ńkọ́? Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá tó bá ku ọjọ́ díẹ̀, tàbí tí ẹni tó máa dúró deni ti sún nǹkan tirẹ̀ nítorí tìẹ. Béèrè bóyá wọ́n lè gé e sí méjì, kí o lo ìdajì nísinsìnyí kí ìyókù dúró. Ọ̀gá tó kọ ọjọ́ 15 lè gba ọjọ́ 5. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, lọ fún lífù náà. Má jókòó sí ọ́fíìsì nígbà tí ìwé bá sọ pé o kò sí níbẹ̀, nítorí ọjọ́ náà máa lọ, iṣẹ́ tí o bá sì ṣe níbẹ̀ kò ní sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Tí wọ́n bá pè ọ́ láti ọ́fíìsì pé kí o wá bá wọn wo nǹkan, sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì pé àwọn pè ọ́ padà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n pè ọ́ sí i.